Lẹ́tà Tó Sá Lọ sí Ẹ̀yìn Kọ́ọ̀pù

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwa oníṣẹ́ ìtẹ̀wé àti oníṣẹ́ dìsáìnì, ní Kúbúwà, Àbújá

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí. Ẹ má bínú pé a pẹ́ díẹ̀. Ẹ gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ níta, ẹ mọ ohun tó dá wa dúró.

Wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń mú dìsáìnì tí a ṣe lórí ojú pẹrẹsẹ, kí a gbé e lé àwòrán kọ́ọ̀pù, kó sì bá ara kọ́ọ̀pù lọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń ṣe é lójoojúmọ́. Èmi náà ṣe é fún ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa fún oníbàárà. Irọ́ yẹn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ìbàdàn ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá síbí. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá pé 70 ọdún, àwọn ọmọ sì ti fẹnu kò pé Àbújá ni àríyá yóò ti wáyé. Ó fẹ́ kọ́ọ̀pù 60 tí wọn yóò pín fún àlejò. Àwòrán àdìrẹ Ìbàdàndùn ló fẹ́ kó yí kọ́ọ̀pù ká, kí a sì kọ "Ẹ KÚ ỌJỌ́ ÌBÍ, MÀMÁ WA" sí ojú rẹ̀ gàdàgbà. Mo ṣe dìsáìnì náà. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan gba sẹ̀ǹtímítà 15 ní ìbú. Mo gbé e lé àwòrán kọ́ọ̀pù funfun kan, mo fi Warp inú Photoshop tẹ̀ ẹ́ kó rí bí ẹnu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló hàn láti iwájú, láti orí Ẹ títí dé A tó gbẹ̀yìn. Inú ọkùnrin náà dùn, ó san ìdajì owó lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, mo gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, mo wò ó láti iwájú bí mo ṣe fi hàn án. Lẹ́tà Ẹ ti lọ sẹ́yìn lápá òsì, n kò rí i mọ́. Lẹ́tà A tó gbẹ̀yìn ti lọ sẹ́yìn lápá ọ̀tún. K àti W tó kù létí tínrín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Oníbàárà mi gbé kọ́ọ̀pù náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ọ̀gá, èyí kọ́ ni ẹ fi hàn mí o." Òótọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣì í tẹ̀, dìsáìnì náà wà bí mo ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Àwòrán tí mo fi hàn án ni kò lè ṣẹlẹ̀ láyé.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Mo mú kọ́ọ̀pù kan dání, irú èyí tí Mállàmù ń tà fún wa ní páálí-páálí ní ọjà Wúsè. Ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.2, gíga rẹ̀ jẹ́ 9.5. Bí ẹ bá fi tépù yí i ká, ẹ ó bá sẹ̀ǹtímítà 25.8 tàbí kó lé díẹ̀. Bí a bá dojú kọ ọ́, ìdajì ara rẹ̀ ni ojú wa lè rí, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 12.9. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi rúlà wọn bí kọ́ọ̀pù yìí ṣe fẹ̀ tó lójú, 8.2 péré ni. Bébà 12.9 ló ti há sínú àyè 8.2. Ibo ni ìyókù wọlé sí?

Ẹ fún mi ní bébà yẹn. Mo ti gé e ní sẹ̀ǹtímítà 12.9, mo sì fi báírò pín in sí apá mẹ́fà ọgbọọgba, sẹ̀ǹtímítà méjì àti díẹ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú kọ́ọ̀pù báyìí. Àǹtí tó wà níwájú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ojú kan, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí: apá méjì tó wà láàrin fẹ̀ dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé wọn fún pọ̀ díẹ̀, èyí tó wà létí dà bí okùn. Gbogbo wọn ni báírò mi pín lọ́gbọọgba o. Ara kọ́ọ̀pù tó ń yípo kúrò lọ́dọ̀ wa ló ń fún wọn pọ̀, bí ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ṣe máa ń tínrín lójú ẹni tó dúró síwájú rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí R bá jẹ́ ìdajì ìbú kọ́ọ̀pù, tí θ sì jẹ́ bí ibi kan ṣe yí kúrò níwájú tó, ibi tí ojú yóò ti rí i ni x = R sin θ. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù; nọ́ńbà mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé nínú rẹ̀. Kí a sọ pé kọ́ọ̀pù inú fótò yín fẹ̀ tó píkísẹ̀lì 1000. Apá mẹ́fà ọgbọọgba wa yóò gba 67, 183, 250, 250, 183, 67. Ẹ ro ó pọ̀, 1000 ni. Apá tó wà létí kò tó ìdámẹ́ta èyí tó wà láàrin, bẹ́ẹ̀ sì ni iye bébà kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì.

Èyí ni mo fi ń mọ àwòrán àpẹẹrẹ tó ń purọ́. Mo wo nǹkan tó yẹ kó dọ́gba nínú dìsáìnì náà, bóyá lẹ́tà, bóyá àmì onígun mẹ́rin. Bí ti etí bá fẹ̀ tó ti àárín, ẹni tó ṣe é kàn tẹ bébà ni, kò ká a mọ́ nǹkan kan. Àdìrẹ Ìbàdàndùn ṣe mí lóore níbí yìí, nítorí igun mẹ́rin-igun mẹ́rin ni wọ́n to ó, pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó nínú rẹ̀. Òpó Màpó tó wà létí kọ́ọ̀pù tí kò sì tínrín ti tú àṣírí oníṣẹ́.

Wàyí o, báwo la ṣe ń ṣe é nínú Photoshop? Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni Edit > Transform > Warp, kí a mú Arch nínú àkójọ, kí a sì fi àmì ìyọkúrò síwájú nọ́ńbà Bend kí àárín lè wálẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ọmọ Ìbàdàn nìyẹn. Arch mọ bí a ṣe ń tẹ nǹkan kọdọrọ, ṣùgbọ́n kì í fún ẹ̀gbẹ́ pọ̀. Apá mẹ́fà wa yóò dọ́gba lórí rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Mo sì tún ti dá kún ẹ̀ṣẹ̀ náà: n kò gé dìsáìnì sí 12.9 kí n tó gbé e wá. Mo kó gbogbo 15 pọ̀ sínú 8.2.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan Warp, ẹ kọ́kọ́ gé dìsáìnì yín kó ku iye tí ojú lè rí, ìyẹn ìdajì àyíká kọ́ọ̀pù. Ẹ sọ ọ́ di Smart Object kí ẹ lè tún padà wá ṣí i láìba nǹkan kan jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Free Transform fún un kó bá ìbú kọ́ọ̀pù inú fótò mu, igun òkè lápá òsì níbi tí ara kọ́ọ̀pù ti parí lápá òsì, ti ọ̀tún bẹ́ẹ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ṣí Warp, kí ẹ sì fi àkójọ rẹ̀ sílẹ̀ sórí Custom.

Àwọ̀n kan yóò jáde. Ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ọ̀pá kékeré méjì tó ní orí bí àbẹ́rẹ́ alórí: ọ̀kan dojú kọ ìbú, ọ̀kan dojú kọ òró. Èyí tó dojú kọ ìbú gùn tó ìdámẹ́ta àwòrán yín. Inú ọ̀pá yìí ni àṣírí wà. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á di orí rẹ̀ mú, wọ́n á fà á wálẹ̀ láti ibi tó wà, kí ojú ìlà lè tẹ̀. Yóò tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní fún pọ̀. Ẹ fà á padà sí etí kí ẹ tó fà á wálẹ̀, títí yóò fi dúró ṣánṣán lábẹ́ igun rẹ̀ bí ìtàkùn tó rọ̀ láti orí igi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún òsì àti ọ̀tún, lókè àti nísàlẹ̀. Bí ọ̀pá bá ti rọ̀ ṣánṣán báyìí, ìlà yóò tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ yóò sì fún pọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ṣírò rẹ̀ nítorí pé n kò gba ojú mi gbọ́. Lórí kọ́ọ̀pù píkísẹ̀lì 1000, apá mẹ́fà wa bọ́ sí 74, 185, 241, lẹ́yìn náà 241, 185, 74. Ti kọ́ọ̀pù gidi jẹ́ 67, 183, 250. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò ju píkísẹ̀lì mẹ́sàn-án lọ. Oníbàárà tó bá rí ìyẹn, ẹ fún un níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín.

Kí ni kí ọ̀pá náà gùn tó? Ẹ wọn ín nínú fótò, ẹ má fi ojú díwọ̀n. A ya kọ́ọ̀pù láti òkè díẹ̀, nítorí náà ẹnu rẹ̀ rí bí ẹyin tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú fótò tèmi, ẹnu náà fẹ̀ ní 1000, gíga rẹ̀ jẹ́ 260. Ìdajì 260 ni etí iwájú fi wálẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ìyẹn 130. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ gùn ju èyí lọ nítorí pé ìlà kì í dé orí ọ̀pá, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà ló máa ń dé. Ẹ sọ 130 di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ fi mẹ́ta pín in: 173. Ìdí kọ́ọ̀pù ní tirẹ̀ máa ń tẹ̀ ju ẹnu lọ, nítorí ó jìnnà sí ìpele ojú kámẹ́rà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fótò tèmi, 150 ló fi wálẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ 200. Àwòrán tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá tẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́ máa ń dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọ́ọ̀pù pẹ̀lú sẹ́lótéèpù. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n yóò dà á láàmú.

Ọ̀fìn kan wà níbi tí mo dé yìí. Ẹ ti fa òkè àti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àwọ̀n kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn ìlà òró Ìbàdàndùn, tó yẹ kó dúró gbọọrọ, wọnú ní àárín bí ìbàdí ìlù gángan. Ẹ di inú àwọ̀n mú lápá òsì, ẹ fà á sí òsì àti sí ìsàlẹ̀ títí ìlà yóò fi gún. Ẹ ṣe ti ọ̀tún. Kọ́ọ̀pù tó gún láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò ní ìbàdí, dìsáìnì ara rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ní. Bí ẹ bá rí i pé apá yín kò ká èyí, ẹ pín àwọ̀n náà sí i pẹ̀lú Split tó wà lókè ojú Warp, kí ẹ fa ìlà kọ̀ọ̀kan lọ sí orí gáìdì tí ẹ ti gbé sí 67, 250, 500, 750 àti 933. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ń gba àkókò, àmọ́ kò sí ibi tí yóò ti tan yín jẹ. Photoshop tuntun ní Cylinder nínú àkójọ Warp pẹ̀lú. Ẹ lè lò ó, kìkì pé kí ẹ fi bébà onílà mẹ́fà dán an wò kí ẹ tó gbé iṣẹ́ oníbàárà lé e.

Bọ̀dá kan nawọ́. Wọ́n ní fótò táwọn fi fóònù yà kò bá nọ́ńbà mi mu, ojú àwọn kò rí ìdajì kọ́ọ̀pù. Ẹ ṣeun, òótọ́ lẹ sọ. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ kọ́ọ̀pù jù, ẹ̀gbẹ́ yóò sá pamọ́ kí ó tó dé ìdajì. Ní 20 sẹ̀ǹtímítà sí àárín kọ́ọ̀pù, nǹkan bíi ìwọ̀n 156 péré lẹ óò rí nínú 180. Ní mítà kan, ẹ ó rí 175. Nítorí náà, ẹ rìn sẹ́yìn, kí ẹ wá fi súùmù fa kọ́ọ̀pù wá sítòsí. Èyí dára ju kí a máa tún ìṣirò ṣe lọ.

Títí di ìsinsìnyí, Warp nìkan la lò, kọ́ọ̀pù tó ń dán tí ara rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé mo rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń sáré lọ sí fíltà Displace lórí kọ́ọ̀pù funfun. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tó ń dán lára kọ́ọ̀pù náà ni Displace yóò kà sí òkè, yóò sì gbé lẹ́tà gun orí rẹ̀. Ẹ ti rí kọ́ọ̀pù tí lẹ́tà rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú lójú kan bí ọkọ̀ tí dánfó gbá? Iṣẹ́ fèrèsé nìyẹn.

Ibi tí Displace ti wúlò ni ibi tí ara nǹkan ti ní gègélé. Ọmọ Ìbàdàn mi yìí kan náà ló kọ́ mi. Ó ní kí n tún ṣe àwòrán kan fún ìwé ìpè, kí a gbé Ìbàdàndùn lé kọ́ọ̀pù amọ̀. Ó ti rà á lọ́nà Sùlèjá. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Àbújá tẹ́lẹ̀ kí olú ìlú tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni Ladi Kwali, màmá amọ̀kòkò nì, ti lọ darapọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 1954. Ẹni tó bá ní náírà 20 lápò kó yí i sẹ́yìn, màmá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò wọn. Kọ́ọ̀pù tí oníbàárà mi gbé wá ní ipa ìka amọ̀kòkò yíká ara rẹ̀, ìlà kan lórí òmíràn bí ìgbì omi kékeré. Mo fi Warp ká Ìbàdàndùn mọ́ ọn bí mo ṣe ṣàlàyé. Ó yípo dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ìlà rẹ̀ rékọjá lórí ipa ìka náà gbọọrọ, bí ẹni pé kò sí gègélé kankan níbẹ̀.

Displace máa ń lo àwòrán kejì láti fi sún àwòrán àkọ́kọ́. A ń pe èkejì yìí ní máàpù. Ibi tí máàpù bá jẹ́ eérú àárín gbùngbùn, nọ́ńbà 128, nǹkan kan kò ní sún. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sún sí apá kan, ibi tó bá dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sún sí apá kejì. Iye píkísẹ̀lì tí yóò fi sún nìyí:

```
(eeru - 128) × Scale ÷ 100
```

Bí ipa ìka kan bá jẹ́ 178 nínú máàpù, tí ẹ sì fi 10 sí Scale, ó fi 50 ju 128 lọ, yóò sún ní píkísẹ̀lì 5. Lórí kọ́ọ̀pù tó fẹ̀ ní 1000, ìyẹn kò tó ìdajì mílímítà. Ó tó fún ojú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, fótò kọ́ọ̀pù náà ni mo sọ di àwọ̀ eérú, tí mo sì fi ṣe máàpù bẹ́ẹ̀. Ohun tó jáde yà mí lẹ́nu. Apá òsì dìsáìnì gòkè, apá ọ̀tún wálẹ̀, gbogbo rẹ̀ dagun bí fìlà tí wọ́n gẹ̀. Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi wà lápá òsì, ìdí nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣókùnkùn, Displace sì ka ìmọ́lẹ̀ ńlá yìí mọ́ ipa ìka kéékèèké. Kò mọ ìyàtọ̀.

Filter > Other > High Pass ló yọ mí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó yí díẹ̀díẹ̀ kúrò, ó ń fi àwọn ìyípadà kéékèèké sílẹ̀, ó sì ń dá gbogbo ìyókù padà sí eérú àárín gbùngbùn. Ẹ rí i pé 128 tí Displace kì í sún ni ó fi wọ́n sí. Bí ẹni pé wọ́n ṣe àwọn méjèèjì fún ara wọn ni. Láti ipa ìka kan sí èkejì nínú fótò mi jẹ́ nǹkan bíi píkísẹ̀lì 30, nítorí náà mo fi 30 sí Radius. Mo wá fi Gaussian Blur bíi 3 lé e, kí àwọn iyanrìn kéékèèké ara amọ̀ má baà já etí lẹ́tà. Mo tọ́jú rẹ̀ sí PSD, nítorí pé fáìlì PSD nìkan ni Displace ń gbà fún máàpù. Bí máàpù náà ṣe tóbi gbọ́dọ̀ bá fótò dọ́gba. Bí ẹ bá gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́rẹ́, ipa ìka inú rẹ̀ kò ní bọ́ sórí ipa ìka inú fótò mọ́.

Lẹ́yìn èyí, mo padà sórí dìsáìnì tí mo ti fi Warp ká, mo lọ sí Filter > Distort > Displace. Ipa ìka amọ̀kòkò yí kọ́ọ̀pù ká ní ìbú, òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó sì yẹ kí ìlà fi gbọ̀n. Mo fi 0 sí Horizontal Scale, mo fi 10 sí Vertical Scale. Ẹni tó bá fi méjèèjì sílẹ̀ sórí 10, dìsáìnì rẹ̀ yóò máa sún ní ìdágẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìlà gòkè níbi tó yẹ kó wọ kòtò, ẹ fi -10 sí i. Bí etí lẹ́tà bá ń já wẹ́wẹ́, ẹ fi kún Blur tàbí kí ẹ dín Scale kù. Mo máa ń gbìyànjú Blur ná.

Ohun kan wà tí Displace kò lè ṣe láéláé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń kà, kì í ka òkè àti kòtò. Kọ́ọ̀pù amọ̀ yẹn ní ibi kan tí àwọ̀ dúdú ti ṣàn sí i lára nínú iná. Ibẹ̀ jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ó dúdú, Displace rò pé kòtò ni, ó sì ri ìdajì òpó Màpó kan sínú rẹ̀. Mo ṣí máàpù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú 128 kun ibẹ̀, òpó náà sì dìde. Ẹ máa wo máàpù yín kí ẹ tó lò ó, kí ẹ bi ara yín ní àmì kọ̀ọ̀kan pé ṣé gègélé ni èyí àbí àbàwọ́n.

Ti àwọ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fi léyà dìsáìnì sí Multiply kí òjìji kọ́ọ̀pù lè hàn gba inú rẹ̀, mo sì da ibi tó ń dán nìkan kọ sókè lórí léyà míì tó wà ní Screen. Multiply kì í jẹ́ kí ibi dídán hàn lórí àdìrẹ tó jẹ́ aró dúdú, ìdí tí mo fi ń ṣe ti ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí kọ́ọ̀pù 60 ṣe parí. Mo bẹ oníbàárà mi, mo tún ìṣirò ṣe lójú rẹ̀ pẹ̀lú bébà onílà mẹ́fà yìí. Apá mẹ́rin tó wà láàrin nìkan ni lẹ́tà ti ṣeé kà láìyí kọ́ọ̀pù. Kọjá ibẹ̀, gbogbo lẹ́tà kò tó ìdajì ìbú ara rẹ̀. Apá mẹ́rin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8.6. Ọ̀rọ̀ 15 kò ní wọ̀ ọ́ láéláé, nítorí náà a pín in sórí ìlà méjì. Ó wá ní kí òun rí i lẹ́ẹ̀méjì, kí ẹni tó fi ọwọ́ ọ̀tún mu tíì àti ẹni tó jókòó sọ́wọ́ kejì lè kà á. Àárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì jẹ́ ìdajì àyíká, 12.9, bébà tí a sì ń tẹ̀ sí kọ́ọ̀pù lọ́dọ̀ mi kò ju 20 lọ nítorí ọwọ́ kọ́ọ̀pù. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ 7 ní ìbú, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 19.9. A fẹnu kò sórí 7.

Mo gbé e gba inú Warp, ọ̀pá rọ̀ ṣánṣán. Ìṣirò ní ọ̀rọ̀ náà yóò gba sẹ̀ǹtímítà 6.2 nínú 8.2 ojú kọ́ọ̀pù, mo kọ nọ́ńbà yìí sí ẹ̀yìn rìsíìtì. Ní ọjọ́ kejì, a tẹ ẹyọ kan. Oníbàárà mi kò kà á. Ó mú rúlà lórí tábìlì mi, ó gbé e síwájú kọ́ọ̀pù, ó di ojú kan, ó ní, "Mẹ́fà ó lé díẹ̀." Ó wá na ọwọ́ sí àpò, ó san ìdajì tó kù.